Ṣóńṣó Tí Kò Ti Inú Oògùn Wá

Oògùn ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wa lónìí ní ohun méjì nínú. Ọ̀kan ń jẹ́ atẹmẹ́tà, èkejì ń jẹ́ lumefántríìnì. Nínú hóró kan tí wọ́n ń tà káàkiri, atẹmẹ́tà jẹ́ 20 mílígíráàmù, lumefántríìnì sì jẹ́ 120. Kí ilé-iṣẹ́ tó kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ jáde, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọn iye atẹmẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ gan-an, kó sì wò ó bóyá ìdọ̀tí tàbí ohun tó ti bàjẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ NAFDAC ń ṣe nígbà tí wọ́n bá mú oògùn láti orí àtẹ. Ẹ̀rọ tí a ń lò fún un ni HPLC.

Ìṣòro tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ yìí mọ̀ dáadáa ni pé ó lè fi ohun tí kò sí nínú oògùn han ènìyàn. Ìlà tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ohun kan ń fà á. Ṣóńṣó kan á sì yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀dí rẹ̀ lè da oògùn tó dára nù torí ìdọ̀tí tó wà nínú omi. Ó sì tún lè rí ìdọ̀tí gidi, kó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí oògùn burúkú kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni bí a ṣe ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Pọ́ọ̀mpù kan ń ti omi lọ sínú páìpù irin tóóró tí wọ́n ń pè ní kọ́lọ́ọ̀mù. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ńtímítà 15 tàbí 25, ihò inú rẹ̀ kò sì ju mílímítà 4.6 lọ. Lẹ́búlẹ́bú kíkúnná ni wọ́n rọ́ kún inú rẹ̀, wọ́n sì ti fi ohun tó dà bí ọ̀rá bo ara lẹ́búlẹ́bú náà. Bí omi oògùn bá ń kọjá níbẹ̀, èròjà tó fẹ́ràn omi á tètè jáde. Èyí tó fẹ́ràn ọ̀rá á rọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú, á sì pẹ́ kó tó jáde. Báyìí ni ohun tó pò pọ̀ nínú hóró oògùn ṣe ń pínyà.

Ní òpin kọ́lọ́ọ̀mù, ditẹ́kítọ̀ ń tan ìtànṣán ọ̀tíráfáyólẹ́ẹ̀tì, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí, la inú omi tó ń jáde kọjá. Èròjà tó bá fa ìtànṣán náà mu á mú kí ìlà orí kọ̀ǹpútà gòkè kó sì sọ̀. Òun là ń pè ní ṣóńṣó. Bí kò bá sí ohunkóhun tó ń kọjá, ìlà náà á tẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ìlà ìpìlẹ̀, láti orí rẹ̀ la ti ń wọn gíga gbogbo ṣóńṣó.

Ìgò méjì ni pọ́ọ̀mpù sábà máa ń fa omi láti inú wọn. Nínú ìgò A, omi ló pọ̀ jù, a sì po iyọ̀ tàbí ásíìdì díẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ìgò B, asẹtonáítíráìlì ló pọ̀ jù, ìyẹn nǹkan olómi kan tó ń yọ ọ̀rá. A ó fi A púpọ̀ bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa fi B kún un ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú títí ohun tó rọ̀ mọ́ kọ́lọ́ọ̀mù jù lọ á fi jáde. Ìyípadà díẹ̀díẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní gírédíẹ̀ǹtì. Bí ó bá parí, a ó dá a padà sí A púpọ̀, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kí kọ́lọ́ọ̀mù tó padà sípò fún àyẹ̀wò tó kàn.

Atẹmẹ́tà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le. Lumefántríìnì ní àwọ̀, ó sì ń fa ìtànṣán mu dáadáa ní nánómítà 380, níbi tí ohun mìíràn kò ti sábà dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n atẹmẹ́tà kì í fẹ́ fa ìtànṣán mu rárá. Àyàfi tí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi nánómítà 210 kí a tó lè rí i. Ní 210 yìí, bí a ti ń rí atẹmẹ́tà náà là ń rí ìdọ̀tí inú omi, ásíìdì, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó yòrò sínú omi, àti ọṣẹ tó ṣẹ́kù lára ìgò.

Bí ìlà ìpìlẹ̀ bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀

Kì í ṣe gbogbo ìlà tó bá gòkè ló ní àìsàn. Bí ohun tó wà nínú ìgò B bá ń fa ìtànṣán mu ju ti A lọ, dandan ni kí ìlà máa gòkè bí a ṣe ń fi B kún un. Mẹ́táńọ́ọ̀lù jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ nánómítà 205, ó ti ń gba ìtànṣán púpọ̀ mọ́ ditẹ́kítọ̀ lọ́wọ́, nígbà tí asẹtonáítíráìlì mọ́ títí dé bíi 190. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní 210 fi ń yan asẹtonáítíráìlì. Lódì kejì, bí a bá fi ásíìdì fọ́míìkì tàbí asẹ́tíìkì sínú A nìkan, ìlà á máa sọ̀ kalẹ̀, torí àwọn ásíìdì yìí ń fa ìtànṣán mu ní 210, wọ́n sì ń dín kù bí A ṣe ń dín kù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A lè lo fọ́sífétì tí kì í fa ìtànṣán mu níbẹ̀ dípò ásíìdì náà. A sì lè wá bí A àti B á ṣe bára dọ́gba lójú ditẹ́kítọ̀. Àwọn tó ń fi ásíìdì TFA ṣiṣẹ́ ní 215 mọ ọgbọ́n yìí: wọn á fi ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún sínú A, wọn á sì dín ti B kù sí bíi 0.085, ìlà á sì tẹ́.

Àmì tí a fi ń mọ ìlà tó ń yẹ̀ nítorí omi ni pé ìrísí rẹ̀ kì í yí padà. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ àti ìkẹwàá á gòkè bákan náà, wọn á sì padà sí ibì kan náà. Bí ìrísí rẹ̀ bá ń yàtọ̀ láti wákàtí dé wákàtí, ká wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn, pàápàá ní ooru àti lámpù. Lámpù dùtẹ́ríọ́ọ̀mù inú ditẹ́kítọ̀ nílò nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó balẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tan án. Níbi tí iná ọba ti ń lọ tó sì ń bọ̀, gbogbo ìgbà tí iná bá já kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á ni lámpù náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ́lọ́ọ̀mù sì ti tutù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá gún oògùn sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún á rí ìlà tí kò balẹ̀, yóò sì rò pé omi ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ sí ara ditẹ́kítọ̀ tàbí páìpù tó lọ sínú rẹ̀ náà ń mú kí ìlà máa lọ sókè sódò ní ìbámu pẹ̀lú ìgbà tó ń tan àti ìgbà tó ń kú.

Ọ̀nà kan wà tó ń yanjú rẹ̀ kíákíá. Ẹ dá pọ́ọ̀mpù dúró, kí ẹ jẹ́ kí ditẹ́kítọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí omi kò bá ṣàn mọ́ tí ìlà ṣì ń yẹ̀, ẹ̀bi náà wà lára ditẹ́kítọ̀ tàbí ooru yàrá. Bí ìlà bá balẹ̀, ohun tí omi ń gbé bọ̀ ni.

Ìdí tí ìdọ̀tí kékeré fi ń di ṣóńṣó ńlá

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ṣóńṣó iwin, ìyẹn ṣóńṣó tó ń yọ láìsí pé oògùn kankan ló gbé e wá. Ènìyàn lè máa rò pé omi tí a rà ní ọ̀wọ́n, tó sì mọ́ gaara, kò lè fa irú rẹ̀. Ìṣirò díẹ̀ á fi hàn pé ó lè fà á.

Nígbà tí a bá ń dúró kí kọ́lọ́ọ̀mù padà sípò, omi ìgò A ń la inú rẹ̀ kọjá. Bí pọ́ọ̀mpù bá ń ti mílílítà kan ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mílílítà 10 ló ti kọjá. Omi oògùn tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń gún sí i kò sì ju máíkírólítà 20 lọ, ìyẹn mílílítà 0.02. Omi ìgò A tó kọjá jẹ́ ìlọ́po 500 omi oògùn náà. Gbogbo ìdọ̀tí ọlọ́ràá tó wà nínú mílílítà mẹ́wàá yẹn ló ń rọ̀ mọ́ ẹnu kọ́lọ́ọ̀mù, torí omi nìkan kò lágbára láti wẹ̀ ẹ́ lọ. Bí erẹ̀ ṣe ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ àmù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí à ń bù sínú rẹ̀ mọ́ lójú. Nígbà tí asẹtonáítíráìlì bá dé, á ká gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé e lọ síwájú ditẹ́kítọ̀ gẹ́gẹ́ bí ṣóńṣó tó gún régé bíi ti oògùn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí inú omi lè kéré ní ìlọ́po 500 sí ìdọ̀tí inú omi oògùn, kí ṣóńṣó àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Kò sí ojú tó lè rí ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ nínú ìgò.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ṣóńṣó iwin bá yọ ni kí wọ́n pààrọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù, torí òun ni wọ́n ń fura sí jù. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Ohun tó yẹ ni kí a máa yọ nǹkan kúrò nínú iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa wò ó bóyá iwin náà ṣì wà.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Mo ti jẹ́ kí àwọn iye inú rẹ̀ rọrùn kí ìṣirò má baà dà rú. Òṣìṣẹ́ kan ń wo atẹmẹ́tà ní 210. Ṣóńṣó atẹmẹ́tà yọ ní ìṣẹ́jú 14, ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 1,000. Ṣóńṣó àjèjì kan yọ ní ìṣẹ́jú 17, ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 8. Ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Kò kéré rárá, torí òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ICH sọ pé fún èròjà oògùn tí ènìyàn ń lò tí kò ju gíráàmù 2 lọ lójúmọ́, ìdọ̀tí tó bá ti ju ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí gírédíẹ̀ǹtì ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgún ohunkóhun sí i. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ṣóńṣó ìṣẹ́jú 17 tún yọ, 8 ló sì tún jẹ́. Lójú ẹsẹ̀, oògùn ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ìgò kékeré tí a ń da oògùn sí ti bọ́, rọ́bà ìdérí rẹ̀ ti bọ́, abẹ́rẹ́ náà ti bọ́. Ohun tó kù ni omi, ìgò omi, pọ́ọ̀mpù àti kọ́lọ́ọ̀mù.

Ohun kejì ni pé ó fa àkókò ìdúró gùn. Nígbà tó dúró fún ìṣẹ́jú 10, ìtóbi jẹ́ 8. Nígbà tó dúró fún 20, ó di 14. Nígbà tó dúró fún 30, ó di 20. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ń fi 6 kún un láìyẹ̀. Ìdọ̀tí ń bá omi ìgò A wọlé, ó sì ń kó jọ. Méjì tó ṣẹ́kù jẹ́ èyí tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ gírédíẹ̀ǹtì, nígbà tí omi ṣì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ìgò B ni ìdọ̀tí ti ń wá ni, ìdúró gígùn kì bá tí fi bẹ́ẹ̀ yí ìtóbi padà, torí B kéré nígbà ìdúró.

Ohun kẹta ni pé ó wá ohun tó wà nínú ìgò A gan-an. Omi àti iyọ̀ fọ́sífétì ni. Ó ra omi HPLC tí wọ́n dé sínú ìgò ní ilé-iṣẹ́, ó po iyọ̀ kan náà mọ́ ọn nínú ìgò tuntun, ó sì tún dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ìtóbi já láti 8 sí 1. Lẹ́yìn náà ló wá pààrọ̀ iyọ̀, ẹyọ kan tó kù sì wọlẹ̀ débi pé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára gbígbọ̀n ìlà ìpìlẹ̀. Omi tí ẹ̀rọ asẹ́mi wọn ń ṣe ló jẹ̀bi jù. Iyọ̀ náà lọ́wọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ asẹ́mi náà ń fi 18.2 hàn lójú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí, ìyẹn iye tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí omi tó mọ́ jù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí iye yẹn ń wọ̀n ni bí omi ṣe ń dènà iná ẹlẹ́tíríìkì, iyọ̀ ló sì ń jẹ́ kí iná gba inú omi kọjá. Ìdọ̀tí ọlọ́ràá kì í gbé iná. Omi lè jẹ́ 18.2 kó sì kún fún ohun tó ń fa ṣóńṣó iwin, bí àsẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí ọlọ́ràá bá ti tó pààrọ̀. Iye mìíràn tí wọ́n ń pè ní TOC ló ń sọ èyí, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n.

Bí iwin bá ti ẹnu abẹ́rẹ́ wá

Ó lè jẹ́ pé nígbà tí abẹ́rẹ́ kò mira, ìlà mọ́ pátápátá. Nígbà náà, ẹ gún omi tí kò ní oògùn sí i lẹ́yìn oògùn tó nípọn, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ṣóńṣó bá jẹ́ 10 lákọ̀ọ́kọ́, tó di 1 lẹ́ẹ̀kejì, tó di 0.1 lẹ́ẹ̀kẹta, oògùn àná ló ń ṣẹ́kù lára abẹ́rẹ́, omi sì ń ṣàn án kúrò ní ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lumefántríìnì fẹ́ràn ọ̀rá gan-an, omi lásán kì í sì í wẹ̀ ẹ́ kúrò. Omi tí abẹ́rẹ́ fi ń ṣan ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní asẹtonáítíráìlì púpọ̀ àti ásíìdì díẹ̀. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò lọ, ká wo rọ́bà ibi tí abẹ́rẹ́ ń jókòó sí bóyá ó ti ha.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 10, 10, 10, kì í ṣe àṣẹ́kù. Ohun kan wà nínú omi tí ẹ ń gún yẹn fúnra rẹ̀, tàbí nínú ìgò kékeré, tàbí lára rọ́bà ìdérí tí wọ́n dé sódì, tí ojú rẹ̀ tí kò ní ààbò fi kọjú sí oògùn.

Irú kan ṣì kù tí kì í tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí. Ó ń yọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní yọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fẹ̀ ju gbogbo ṣóńṣó tó yí i ká lọ. Nínú gírédíẹ̀ǹtì, ṣóńṣó tó bá jáde létí ara wọn sábà máa ń ní ìbú kan náà. Èyí tó bá fẹ̀ láàárín àwọn tóóró ti wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù tipẹ́. Àyẹ̀wò tó kọjá ló gbé e wọlé, àkókò kò sì tó fún un láti jáde nígbà yẹn. Ẹ gún oògùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ìgò B púpọ̀ ṣàn án fún àkókò gígùn, ẹ ó sì rí ibi tó yẹ kó ti jáde. Ìlànà iṣẹ́ náà ló nílò kí òpin rẹ̀ gùn sí i.

Ohun tí kò yẹ ká ṣe

Wọ́n ń ta kọ́lọ́ọ̀mù kékeré kan tí a lè fi sí àárín pọ́ọ̀mpù àti abẹ́rẹ́ láti gba ìdọ̀tí inú omi kó tó dé kọ́lọ́ọ̀mù gidi. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó máa ń kún, bó bá sì kún, iwin á padà dé. Kì í sì í dá iwin tó ti ara abẹ́rẹ́ wá dúró, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà.

Kọ̀ǹpútà náà lè yọ ìlà omi tí kò ní oògùn kúrò lára ìlà oògùn kí àwòrán lè mọ́. Bí iwin kì í bá tóbi ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, ìyọkúrò yìí á fi ihò sílẹ̀ níbì kan, á sì fi irọ́ sílẹ̀ níbòmíràn. Ìdọ̀tí gidi tó bá jáde ní ìṣẹ́jú 17 lè parẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ọ̀pọ̀ iwin ni ọwọ́ wa fúnra wa ń dá sílẹ̀. Omi fọ́sífétì tuntun tí a dà lé ti àná lórí ń tọ́jú kòkòrò àìfojúrí àti ìdọ̀tí wọn dè wá, nítorí náà ká da èyí tó ṣẹ́kù nù, ká sì po òmíràn sínú ìgò mímọ́. Ìgò omi HPLC kò gbọdọ̀ bá àwo yòókù lọ sínú ọṣẹ. Ọ̀rá aláfẹ̀ tí àwọn kan fi ń bo ẹnu ìgò asẹtonáítíráìlì náà léwu, torí oruku rẹ̀ ń ká ohun tó wà lára ọ̀rá náà sínú ìgò. Ìdérí ìgò náà gan-an ni kí a lò.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe pe ṣóńṣó kankan ní iwin kìkì nítorí pé ó yọ yín lẹ́nu. Bí kò bá yọ nínú omi tí kò ní oògùn, tó sì ń yọ nínú oògùn nígbà gbogbo, inú oògùn ló wà, ẹni tó fẹ́ gbé oògùn náà mì sì lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ wádìí rẹ̀. Ẹ kọ àbájáde gbígún aláìlóògùn sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ti oògùn. Òun nìkan ni ẹ̀rí tí ẹ ní bí àjọ tó ń ṣe àyẹ̀wò bá béèrè ìdí tí ẹ fi fojú fo ṣóńṣó kan.